Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Kíkọ Adílíbù àti Ohùn Elégbè

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ akọrin tó ń gba orin sílẹ̀ ní Òṣogbo máa ń bi mí jù. Orin tí a fi èdè Yorùbá kọ ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ohùn ọ̀rọ̀ wa ní òfin tirẹ̀ tí elégbè kò gbọdọ̀ rú.

Kí ni adílíbù, kí sì ni ohùn elégbè?

Ohùn elégbè ni ohùn tí a ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, tí a mọ ibi tí yóò ti wọlé àti ibi tí yóò ti dákẹ́, tí ẹnì kan tàbí ènìyàn púpọ̀ sì ń kọ láti fi ti ẹni tó ń lé orin lẹ́yìn. Adílíbù ni ọ̀rọ̀ kúkúrú, igbe tàbí ìdáhùn tí olórin fi sínú àlàfo láàárín ìlà kan àti èkejì, tó sì ń dún bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Nínú ìdáhùn wọ̀nyí, mo ń pe apá orin tí a máa ń padà sí ní kọ́rọ́ọ̀sì, kí ó má baà dàrú mọ́ ègbè tí àwọn elégbè ń gbè.

Ṣé ohùn elégbè náà ni kí olórin tún ìlà kan náà kọ lé ara rẹ̀ lórí?

Rárá. Títún ìlà kan náà kọ ní ohùn kan náà máa ń mú kí ohùn olórin nípọn sí i, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ tàbí ohùn tuntun kún orin. Ó dára fún ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí a fẹ́ kí ó wọ̀ etí, irú bí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìlà. Bí a bá fi bo gbogbo ẹsẹ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, olùgbọ́ kò ní mọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ó dì mú mọ́.

Ìgbà wo ni kí n kọ wọ́n?

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ orin bá ti parí, tí o sì ti gba ohùn àkọ́kọ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ni o fi gbà á. Ẹni tó bá kọ ègbè nígbà tí ìlà orin kò tíì dúró yóò máa fi ègbè dí ihò tó wà nínú ìlà náà. Bí ìlà kan bá rọ, ìlà náà ni kí o tún kọ. Elégbè kò lè gbé e dìde.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí àyè wà?

Tẹ ìwé ọ̀rọ̀ orin rẹ síwájú, kí o máa gbọ́ ohùn tí o gbà sílẹ̀, kí o sì máa ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tẹ̀lé bíìtì. Ní gbogbo ibi tí o bá ti mí, fa ilà kékeré sí i, kí o sì kọ iye kíkà tó ṣófo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ibi wọ̀nyẹn nìkan ni adílíbù lè jókòó sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ olórin bá ti ń lọ lọ́wọ́, àfi elégbè tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí tó ń kùn ni kí ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wo bí àlàfo náà ṣe gùn tó. Bí bíìtì rẹ bá ń lù ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, kíkà kan jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, àlàfo kíkà méjì sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Sílébù mẹ́rin ni ó lè gba ibẹ̀ kọjá láìsí ìkánjú. Bí o bá fi sílébù méje há a, ẹ̀yìn adílíbù náà yóò gun orí ìlà tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò sì sọnù. Mo máa ń fi àyè sílébù kan sílẹ̀ lófo ṣáájú kí ìlà tuntun tó wọlé, kí etí lè rí ibi sinmi.

Irú ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí elégbè sọ?

Ọ̀rọ̀ tó ń dá olórin lóhùn, tàbí tó ń di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú, ni. Bí olórin bá bẹ ènìyàn pé kí wọ́n kí ẹnì kan, kí elégbè kí i. Bí ó bá béèrè, kí elégbè dáhùn. Ohun tí kò yẹ ni kí elégbè mú ìròyìn tuntun wá, nítorí pé olùgbọ́ kò lè fi etí méjì gbọ́ ìtàn méjì. Bí olórin bá ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, tí elégbè ń pariwo owó àti mọ́tò, orin náà ti di méjì.

Ẹni tó bá ti lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́ọ́sì yóò ti rí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ki òrìṣà lè lo gbólóhùn gígùn, kí ó sì máa yí i padà bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n “Oore yèyé ò!” ni àwọn ènìyàn yóò fi dá a lóhùn. Nítorí pé ìdáhùn náà kúrú, tí kì í sì í yí padà, gbogbo etí á lè tẹ̀lé ohun tuntun tí ẹni tó ń ki òrìṣà ń sọ. Ibi tí ìyípadà bá wà lọ́dọ̀ olórin, kí ègbè dúró sójú kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orin kan ṣe àpẹẹrẹ.

Mo kọ ìlà mẹ́rin yìí fún ìdáhùn yìí ni, lórí iṣẹ́ aró tí a mọ ìlú wa mọ́:

*Ìyá mi ń rẹṣọ láró l'Óṣogbo,*
*Ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ọkàn rẹ̀ mọ́,*
*Aró ayédèrú kò dára,*
*Ẹ bá mi kí aláró ìlú aró.*

Jẹ́ kí a gbà pé bíìtì náà ń lù ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, àti pé ìlà kọ̀ọ̀kan gba kíkà mẹ́jọ. Ìlà kìíní, ìkẹta àti ìkẹrin parí sórí kíkà kẹfà, nítorí náà kíkà méjì ṣófo lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ìlà kejì yàtọ̀: ó dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn “dúdú”, apá kejì rẹ̀ sì lọ títí dé kíkà kẹjọ.

Bí akọrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ bá máa ṣe é, yóò pariwo “ìyá ẹ̀!” lẹ́yìn ìlà kìíní, yóò tún “dúdú” sọ nínú àlàfo ìlà kejì, yóò sọ “dára!” lẹ́yìn ìkẹta, yóò ké “aró, aró, aró!” lẹ́yìn ìkẹrin, yóò sì tún gbogbo ìlà náà kọ lé orí ara wọn nísàlẹ̀. Gbogbo àlàfo ti kún nìyẹn. Ẹni tó ń gbọ́ yóò jó, ṣùgbọ́n bí o bá bi í ní ohun tí orin náà sọ, “aró” nìkan ni yóò rántí.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ rèé. Lẹ́yìn ìlà kìíní, n kò ní fi ohunkóhun sí i, nítorí pé olùgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Nínú ìlà kejì, n kò ní fọwọ́ kan àlàfo àárín rẹ̀ rárá. Ọwọ́ dúdú àti ọkàn tó mọ́ ni a gbé kojú ara wọn, ìdákẹ́jẹ́ àárín wọn ni ó sì jẹ́ kí ènìyàn retí èkejì. Elégbè kan péré ni yóò bá olórin sọ “mọ́”, ní ohùn ìsàlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè wúwo.

Lẹ́yìn ìlà kẹta ni elégbè méjì yóò wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àlàfo, wọn yóò sì tún “kò dára” sọ ní pípé. Sílébù mẹ́ta ni, ó sì bá kíkà méjì mu. Ní ìlà kẹrin, gbogbo elégbè yóò bá olórin sọ “ìlú aró”, lẹ́yìn náà ni ohùn olórin fúnra rẹ̀ yóò fi adílíbù kan ṣoṣo dáhùn ẹ̀bẹ̀ tó wà nínú ìlà náà: “Mo kí yín o!” Sílébù mẹ́rin ni èyí, kọ́rọ́ọ̀sì yóò sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ìkọlù. Nínú ẹsẹ orin odindi, ibi mẹ́rin péré ni a ti gbọ́ ohùn mìíràn, ohùn náà sì ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń súnmọ́ kọ́rọ́ọ̀sì.

Kí ló dé tí ẹ fi sọ “kò dára” ní pípé, tí ẹ kò sọ “dára” nìkan?

Nítorí pé “dára” nìkan yí ìtumọ̀ ìlà náà padà sí òdì rẹ̀. Olórin sọ pé aró ayédèrú kò dára, elégbè wá ń ké pé ó dára. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an, nítorí pé àṣà gbígé ẹ̀yìn ìlà láti fi ṣe ègbè ti mọ́ wa lára, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ nǹkan nínú Yorùbá máa ń wà ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe. “Má lọ” di “lọ”, “kò ní tán” di “tán”, “n kò gbàgbé” di “gbàgbé”.

Kí o tó gé ìlà kan fún ègbè, ka ohun tó ṣẹ́kù sókè lóun nìkan, bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀. Bí kò bá dúró bí ọ̀rọ̀, tàbí tó bá ta ko ìlà, gbé ibi gígé náà sẹ́yìn.

Ṣé ó yẹ kí a kọ adílíbù sílẹ̀, àbí kí a kàn jẹ́ kí ó máa jáde lẹ́nu?

Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Jẹ́ kí olórin gba orin náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìdúró, kí ó sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lẹ́nu, kí a sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, jókòó ti ìwé, kọ gbogbo ohun tí o gbọ́, kí o sì yan èyí tó dáhùn ìlà kan pàtó. Nínú ogún tí o bá kọ sílẹ̀, bóyá mẹ́rin ni yóò yè é. Àwọn mẹ́rin yẹn ni kí olórin padà lọ tún sọ dáadáa.

Adílíbù tí kò gba orí ìwé kọjá máa ń di “ẹ̀n”, “ẹ̀hẹ́n” àti “yé” káàkiri orin. Irú àwọn igbe bẹ́ẹ̀ kò burú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá níbi tí ìlù bá ti wọlé, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohunkóhun nípa ìlà tí wọ́n tẹ̀lé.

Kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ orin mi kì í fi yé ènìyàn mọ́ bí elégbè bá ti gba ohùn kejì àti ìkẹta?

Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó sì fà á. A mọ̀ pé “aró” ni a fi ń rẹ aṣọ, “arò” sì ni ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ tí ẹni tó ń dárò ń sọ. Re, mi ni ohùn ti àkọ́kọ́. Re, do ni ti èkejì. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n ní. Ìgòkè tàbí ìsọ̀kalẹ̀ ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo “ìlú aró” nínú orin òkè yẹn. Olórin kọ ọ́ ní do, mi, re, mi, èyí tó bá ohùn ọ̀rọ̀ náà mu wẹ́kú. Elégbè tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè kọ ọ́ ní la, do, ti, do, kí la àti ti jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Wò ó: ohùn méjèèjì gòkè papọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ papọ̀, wọ́n sì tún gòkè papọ̀. “Ìlú aró” ni gbogbo ènìyàn yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n elégbè tó ní etí orin lè fẹ́ parí sórí la, nítorí pé la ìsàlẹ̀ lábẹ́ mi dùn gan-an. Yóò wá kọ la, do, ti, la. Ohùn rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, ó sì ti sọ Òṣogbo di ìlú arò.

Òfin tí mo ń tẹ̀lé ni pé elégbè lè jìnnà sí olórin bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọ̀nà kan náà láti sílébù kan sí èkejì. Bí olórin bá fo ipele méjì sókè, elégbè lè gùn ún ní ipele kan, kò sí wàhálà. Bí elégbè bá dúró lójú kan nígbà tí olórin ń gòkè, ọ̀rọ̀ náà yóò ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n etí ṣì lè dáríjì í bí olórin bá lágbára ju elégbè lọ. Ìsọ̀kalẹ̀ nígbà tí olórin ń gòkè ni kò ní àtúnṣe. Nítorí náà, kọ ohùn elégbè kọ̀ọ̀kan sórí ìwé ní do re mi, kí o sì jẹ́ kí elégbè kọ tirẹ̀ lóun nìkan létí ẹni tí kò mọ orin náà. Ohun tí ẹni náà bá sọ pé òun gbọ́ ni ẹ̀rí.

Ṣé kò sí bí elégbè ṣe lè rìn ní ọ̀nà tirẹ̀ rárá, nígbà náà?

Ó wà. Jẹ́ kí ó kùn, tàbí kí ó fi “a” tàbí “o” nìkan kọ ohùn gígùn. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ọ̀rọ̀, kò sí ìtumọ̀ tí ìsọ̀kalẹ̀ lè bàjẹ́, nítorí náà elégbè lè sọ̀kalẹ̀ nígbà tí olórin ń gòkè, orin yóò sì fẹ̀ sí i. Ibi tí mo ti ń lo kíkùn jù ni ìlà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì, tí n kò sì fẹ́ kí ohunkóhun bò ó. Kí kíkùn náà yí ohùn padà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré láàárín ìlà kan. Bí ó bá ń yí padà ní gbogbo kíkà, òun náà ti di orin mìíràn.

Gángan wà nínú orin mi. Ṣé adílíbù àti ìlù lè jọ wà ní àlàfo kan náà?

Kí wọ́n má jọ wà. Gángan ń sọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó sì fi ń sọ ọ́. Bí onílù bá ń fi do, mi, re, mi sọ nǹkan, tí adílíbù sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ jẹ́ mi, re, do, àwọn méjèèjì ti pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Olùgbọ́ kò ní gbọ́ ìlù, kò sì ní gbọ́ ènìyàn.

Pín àlàfo fún wọn kí ẹ tó wọ sítúdíò. Lórí ìwé tí o ti fa ilà sí, kọ “ìlù” sí àwọn àlàfo kan, kí o sì kọ “ẹnu” sí àwọn yòókù. Àpẹẹrẹ tó wà lókè yẹn ní àlàfo kan tó ṣófo lẹ́yìn ìlà kìíní. Ibẹ̀ ni èmi yóò fún onílù, kí ó fi ìlù sọ “Òṣogbo ìlú aró”, bí ó bá lè sọ ọ́ tán láàárín kíkà méjì náà. Ohùn kan ṣoṣo tí mo máa ń gbà láàyè pẹ̀lú gángan ni ti elégbè tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà gan-an tí ìlù ń sọ, ní àsìkò kan náà. Ohun tí ìlù wí yóò sì yé àwọn tí kò gbọ́ èdè ìlù.

Ìlú tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, dá ilé àṣà Mbari Mbayo sílẹ̀ sí ní 1962, tí eré rẹ̀ sì kún fún dùndún àti bàtá, kò yẹ kí ó máa gba orin sílẹ̀ bí ẹni pé ariwo lásán ni ìlù wa. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá gbọ́ onílù tó dáńtọ́ tí a fi “ẹ̀hẹ́n” bò mọ́lẹ̀.

Elégbè mélòó ni ó tó?

Fún ẹsẹ orin, ẹnì kan tàbí méjì. Fún kọ́rọ́ọ̀sì, ohùn mẹ́ta, kí a sì gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún etí òsì, kí àárín wà fún olórin nìkan. Ju ìyẹn lọ, ohùn yóò máa ga sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní hàn sí i.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba ohùn púpọ̀ jẹ́. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí náà a kò ní ìṣòro ẹni tó pẹ́ kí ó tó pa ọ̀rọ̀ dé. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ìṣòro wa wà. Bí ènìyàn mẹ́fà bá jọ sọ “ṣe”, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, “ṣ” mẹ́fà yóò fọ́n bí òjò tó ń kan páànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni “s” àti “f”. “K” àti “gb” yóò sì máa kàn bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Fi iṣẹ́ náà lé ẹnì kan lọ́wọ́: òun nìkan ni yóò sọ “ṣ” náà kedere, kí àwọn yòókù rọra gbà á, kí wọ́n sì fi agbára wọn sórí fáwẹ́lì tó tẹ̀lé e. Bí ó bá ṣeé ṣe, yan ọ̀rọ̀ ègbè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì, “m” tàbí “l” láti ìgbà tí o ti ń kọ ọ́.

Báwo ni ohùn elégbè ṣe gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ tó?

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 8 sísàlẹ̀ ohùn olórin, kí o wá fi etí ṣe ìyókù. Gé ìró ìsàlẹ̀ kúrò nínú ohùn elégbè ní nǹkan bíi 180 Hz, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlù ńlá àti ohùn olórin nílò. Dín agbègbè 3 kHz kù díẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń hàn sí etí jù, kí ọ̀rọ̀ olórin lè ṣáájú. Adílíbù lè ga ju elégbè lọ, nítorí pé òun nìkan ni ó wà nínú àlàfo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ga tó ohùn olórin, gbólóhùn tuntun ni yóò dà bí létí olùgbọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ti pọ̀ jù lórí ìwé kò ṣeé fi ẹ̀rọ tún ṣe. Tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, yóò kàn di ariwo kékeré dípò ariwo ńlá.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù?

Gbé orin náà lọ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kí ó gbọ́ ẹsẹ kìíní lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ sílẹ̀. Má ṣe kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ orin náà fún un. Ibi tí ó bá fò, tàbí tó bá kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí, wo ohun tí elégbè ń ṣe níbẹ̀. Nígbà kan, ẹni mẹ́ta kọ “ọkọ̀” síbi tí mo ti sọ “ọkọ́” nínú orin àgbẹ̀ kan, mo sì ti ń dá ahọ́n olórin lẹ́bi kí n tó rí i pé elégbè ìsàlẹ̀ ni ó sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. A tún ohùn kan ṣoṣo yẹn kọ, ọkọ́ sì padà sí oko.

Lẹ́yìn náà, gbọ́ ọ lórí fóònù láìfi nǹkan sétí. Fóònù púpọ̀ máa ń kó ọ̀tún àti òsì pọ̀ sójú kan, àwọn ohùn tí o rò pé o ti pín sọ́tọ̀ yóò sì padà wá gun orí olórin. Àyẹ̀wò tó kù ni kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bẹ awakọ̀ kan tó ń ná Ọláìyá ní Òṣogbo kí ó gbé e sínú ẹ̀rọ rẹ̀, pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì àti ọjà. Bí ìlà orin bá ṣì yé ọ níbẹ̀, ègbè rẹ mọ níwọ̀n.

Ṣé ó yẹ kí ẹsẹ kejì ní adílíbù kan náà pẹ̀lú ẹsẹ kìíní?

Kí ibi tí ó wà jọra, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Etí ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn ìlà kẹrin, ó sì ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n “Mo kí yín o” kò ní dáhùn ìlà tuntun bí ìlà náà kò bá sọ̀rọ̀ ìkíni. O lè fi adílíbù kan ṣoṣo kún ti ẹsẹ kejì, sínú àlàfo tí o fi sílẹ̀ lófo ní ẹsẹ kìíní, bí a kò bá ti fún onílù.

Ṣé ibì kankan wà tí ohùn púpọ̀ ti yẹ kí ó bo ara wọn?

Kọ́rọ́ọ̀sì ìkẹyìn ni. Nígbà tí orin bá dé ibẹ̀, olùgbọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti mọ̀ ọ́n, ó sì ń bá a kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ń sọ kò lè sọnù mọ́ ọn létí. Níbẹ̀, elégbè lè gba kọ́rọ́ọ̀sì, kí olórin sì fi wọ́n sílẹ̀, kí ó máa ki ìyá aláró lórí wọn, kí ó gun ìlà kan kọjá sí òmíràn, kí gángan pàápàá wọlé.

Bí ó bá jẹ́ pé orin náà ní ìtàn tí kò parí àfi ní ìlà tó gbẹ̀yìn gan-an, má ṣe é. Jẹ́ kí gbogbo elégbè dákẹ́ níbẹ̀, kí olórin sọ ìlà náà tán lóun nìkan.